Orí Pákó ni Ilá ti ń Bẹ̀rẹ̀ sí Fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwọn ará ilé mi ò fẹ́ ilá tó ń fà, èmi ò sì fẹ́ kí ilá kúrò nínú oúnjẹ wa. Mo gbọ́ pé ohun kíkan máa ń pa yíyọ̀ rẹ̀. Mo rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, mo dà á sínú ọbẹ̀ tòmátì, nígbà tó jinná mo fún odidi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Síbẹ̀ ó ń fà gbọọrọ láti inú ìkòkò dé etí àwo, àwọ̀ rẹ̀ sì di bíi ti ewé gbígbẹ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ọsàn yẹn ò ṣẹ̀ yín, ó kàn pẹ́ kó tó dé ni. Nígbà tí ẹ fi máa fún un sínú ìkòkò, ohun tó ń mú ilá fà ti jáde kúrò lára ilá, ó ti bá omi ọbẹ̀ pò pọ̀, ó sì ti mu omi yó. Ọ̀bẹ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Omi ọbẹ̀ ló gbé e jáde. Ọsàn kan ṣoṣo ò lè dá a padà sínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun náà fúnra rẹ̀. Ẹ gé ilá tútù kan sí méjì, kí ọ̀bẹ àti ilá gbẹ dáadáa, kí ẹ fi àtàǹpàkò kan ojú ibi tí ẹ gé. Ó máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá kán omi bí ẹ̀kán mẹ́ta sí i, kí ẹ sì fi ìka rà á. Lójú ẹsẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, tí ẹ bá sì ya ìka méjèèjì, ẹ óò rí okùn tín-ín-rín láàárín wọn. Omi ló sọ ohun tó ń lẹ̀ di ohun tó ń fà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe é nìyẹn, torí ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i kò tún ní fi ọwọ́ tútù gé ilá tí kò fẹ́ kó fà mọ́.

Ìbátan ṣúgà ni ohun yìí. Àìmọye ṣúgà kéékèèké ló so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn gígùn, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú pẹ́kítìn tó ń mú kí jáàmù èso dì. Inú ẹran ara ilá ló wà, ó sì wà láyìíká èso inú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ara ilá bá ṣì wà lódidi, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Tí nǹkan bá dá ara ilá lu, tí omi sì kàn án, okùn wọ̀nyí á nà tàntàn, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n á sì di omi mú láàárín ara wọn. Omi tí okùn dì mú bẹ́ẹ̀ ni à ń rí tó ń fà. Iná kọ́ ló ń dá a sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Iná lè tú u jáde, ó sì lè gbẹ ẹ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe lò ó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ẹ mú ilá kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9 lẹ́yìn tí ẹ ti gé orí rẹ̀. Tí ẹ bá gé e sí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀bẹ wọlé, ojú tó ṣí sílẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin. Tí ẹ bá rẹ́ ilá kan náà wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 3, ẹ óò ní ègé 30, ọ̀bẹ ti wọlé nígbà 29, ojú tó ṣí sì ti di 58. Ilá kan náà ni o, ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí yíyọ̀ lè gbà jáde ti fi ìlọ́po mẹ́rìnlá lé díẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ wá fi ilá 40 tàbí 50 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó wá béèrè ohun tí ọsàn kan fẹ́ rí ṣe sí i. Ẹni tó bá sì rin ilá lórí irin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibì kankan lára ilá náà tí kò ṣí sílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ kí ilá òun fà dáadáa fi ń rin ín, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ yàtọ̀ sí tiẹ̀ ni.

Nítorí náà, ègé tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ni kí ẹ máa gé, tàbí kí ẹ fi ilá kéékèèké sílẹ̀ lódidi. Ilá tó wà lódidi ni kì í fà rárá bí a bá gé orí rẹ̀ dáadáa, orí gígé yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á gbé ọ̀bẹ lé ìsàlẹ̀ fìlà ilá, wọ́n á gé e gbáà, yàrá inú ilá á sì ṣí sílẹ̀ tí èso á máa hàn. Ilá odidi kọ́ nìyẹn mọ́, ike omi tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ ni. Ohun tó yẹ ni kí ẹ gé igi tó wà lókè pátápátá kúrò, kí ẹ sì fi ẹnu ọ̀bẹ bó etí fìlà náà yíká, bí ẹni ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, kí ó rí ṣóńṣó. Tí ẹ bá wo ibi tí ẹ gbẹ́, tí ẹ ò rí ihò kankan, ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀. Èmi a máa jókòó ṣe é ni, mi ò lè parọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tó dà bíi pé ó ta ko ohun tí mo ń sọ: kí a la ilá ní òòró sí méjì. Ojú tó ṣí níbẹ̀ tóbi gan-an, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti ilá tí a gé sí mẹ́ta, torí gbogbo yàrá inú rẹ̀ ló ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú omi ọbẹ̀, àṣìṣe ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú ófíìnì tó gbóná gan-an, ojú tó ṣí yìí á dojú kọ ooru ní tààrà, yíyọ̀ á gbẹ mọ́ ibi tó wà kó tó rí omi mu. Ẹ rí i pé kò sí ìwọ̀n ègé tó dára tàbí tó burú láìbéèrè ibi tó ń lọ. Ègé ńlá fún ibi tí omi bá wà, ègé tó ṣí sílẹ̀ fún ibi gbígbẹ nìkan.

Kí ẹ tó gé e, ẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ má tún jẹ́ kí omi kàn án. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó mọ́ fún ó kéré tán wákàtí kan, tàbí kí ẹ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan bí àyè ò bá sí. Irun kéékèèké tó wà lára ilá máa ń di omi mú, ojú lè tan yín pé ó ti gbẹ nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹ gbé e sétí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá tutù mọ́ yín lára, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sì máa nu ọ̀bẹ náà lẹ́yìn ilá mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí yíyọ̀ tó bá ti gun ọ̀bẹ lẹ ó máa fi kun ilá tó kàn.

Ilá tó ti ní yìnyín lára láti inú fìríìsà yàtọ̀. Nígbà tí omi inú rẹ̀ di yìnyín, ẹnu ṣóńṣó yìnyín ti gún inú ara ilá káàkiri, iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ì bá ṣe ti ṣe láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá jẹ́ kó yọ́ sínú abọ́, ẹ óò bá omi tó ń fà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni ẹ ní, ẹ dà á bó ṣe dì sínú páànù gbígbóná, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì retí pé ó máa gbẹ bí ilá tútù.

Iná ló kàn. Mo máa dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìyà fúnra mi. Nígbà kan mo ní láti se ilá fún àwọn èèyàn bí ọgbọ̀n. Mo gé e ní ńlá, mo gbẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe bó ṣe yẹ. Àkókò ń lọ, ni mo bá da kílò méjì lé páànù fífẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì dé e kó lè tètè jinná. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá a tó ń lọ́ mọ́ṣíbí bí ewédú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ilá ní omi tirẹ̀ nínú, omi yìí sì pọ̀: nínú 100 gíráàmù ilá tútù, bíi 90 jẹ́ omi. Nígbà tí mo kó o jọ gègèrè, ooru ò lè lé omi yẹn lọ kíákíá, ó wá di ooru omi gbígbóná láàárín ilá sí ilá. Ọmọrí tí mo fi dé e tún dá ìwọ̀nba tó fẹ́ sá jáde padà sínú páànù. Mo rò pé mò ń dín ilá, ṣùgbọ́n ní tòótọ́ mò ń fi omi ara rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Iná gbígbẹ ni kí ẹ máa wá. Páànù tó fẹ̀, òróró díẹ̀, iná tó ga ju àárín lọ, kí ilá tẹ́ ní ìpele kan ṣoṣo kí ẹ sì lè rí ìdí páànù láàárín wọn. Tí ẹ bá ń fi etí sí i, ohùn rẹ̀ á sọ fún yín ibi tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń ta ṣìì ṣìì, omi ojú rẹ̀ ló ń lọ. Ní bí ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí hàn tí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, ibí yìí sì ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn èèyàn, tí wọ́n á bu omi sí i, tí wọ́n á dé e, tàbí kí wọ́n máa rò ó lákọlákọ. Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ohun tó jáde yẹn gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó lè gbẹ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa yí ilá padà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ́ má fọ́ ọ. Bó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 6, okùn náà á ti di tín-ín-rín, á máa já kí ó tó gùn tó ìka. Láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 10, etí ilá á bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ariwo páànù á yí padà sí ti ohun tó ń dín, ṣíbí á sì gòkè láìsí okùn. Ó ti tó nìyẹn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Iyọ̀ tó bá tètè kan ojú tí a gé máa ń fa omi jáde láti inú ilá, ẹ sì ti mọ ohun tí omi ń ṣe.

Nínú ófíìnì, 220°C dára fún un. Ẹ fi òróró díẹ̀ ra ilá tí ẹ là ní òòró, ẹ da ojú tó ṣí dé páànù, kí ọ̀kan má gun èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, etí rẹ̀ á ti pọ́n. Ẹni tí kò ní ófíìnì kò pàdánù ohun ńlá, páànù ṣe é.

Iná tó rọlẹ̀ pẹ̀lú omi ló burú jù fún ohun tí ẹ fẹ́. Ilá tó ń hó jẹ́jẹ́ nínú omi ọbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ń tú yíyọ̀ rẹ̀ dànù sínú ọbẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó tí okùn náà fi máa já. Bó bá tilẹ̀ pẹ́, tó hó fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn gígùn wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí gé kúkúrú, ọbẹ̀ á sì ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilá á ti wó, èso rẹ̀ á ti fọ́n ká inú ìkòkò. Mo ka ìyẹn sí owó tó pọ̀ jù fún ọjà náà.

Ẹ tún ṣọ́ ohun kan. Ọbẹ̀ ilá tó gbóná máa ń dà bíi pé kò fà tó bẹ́ẹ̀, tó bá wá tutù díẹ̀ nínú àwo, okùn á tún padà. Bákan náà ni tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó tán: á ṣàn fún ìgbà díẹ̀, á sì tún gbára jọ. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tó wà nínú ìkòkò gbígbóná ṣèdájọ́. Ẹ bu ṣíbí kan sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ kà á tó ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á sókè. Okùn tó bá já kí ó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà nídìí àwo. Èyí tó bá tẹ̀ lé ṣíbí dókè láìjá kò tíì tó.

Wàyí o, ọsàn yín. Mo ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn máa ń nà tàntàn nínú omi. Ohun tó ń mú wọn nà ni pé ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn náà ló ń ti ara wọn sẹ́yìn, bí ẹnu mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra kì í ṣeé kàn pọ̀. Ohun kíkan máa ń pa agbára títì yẹn. Okùn á wá ká jọ bí òwú tí wọ́n tú jù sílẹ̀, kò ní lọ́ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, omi tó dì mú á sì dín kù. Nítorí náà òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni pé iṣẹ́ yìí gba kí ibi tí okùn wà kan dáadáa, kì í ṣe kí ó kan lẹ́nu díẹ̀. Lórí òǹkà pH, tí nọ́ńbà kékeré túmọ̀ sí kíkan púpọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà wà láàárín 2 sí 3, tòmátì sì wà ní bíi 4 lé díẹ̀. Omi tí kò kan tí kò sì korò wà ní 7, ibi tó sún mọ́ ọn yìí gan-an ni ilá ti ń fà jù. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan kì í sábàá ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ. Nínú odidi ìkòkò ọbẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ kó tó kan okùn kankan, á fi adùn kíkan sí ọbẹ̀, á sì fi okùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọsàn nìkan pa yíyọ̀ ìkòkò bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ náà á kan dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jẹ ẹ́.

Ibi tí ohun kíkan ti wúlò jù ni ibi tí kò sí omi láti là á: lórí ilá fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ilá tó kan iná, ó sì lè jẹ́ nínú páànù lẹ́yìn tí okùn ti gbẹ tán.

Èyí tó ṣáájú iná ni rírẹ ẹ́. Fún ilá 500 gíráàmù tí ẹ ti gbẹ́ orí rẹ̀ láìlu ú, ẹ wọ́n fínígà ìlàjì kọ́ọ̀bù, bíi 120 mìlílítà, àti ṣíbí tíì kan iyọ̀ lé e lórí nínú abọ́ fífẹ̀. Ẹ máa yí i po nígbà díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ṣan án kíákíá, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ pátápátá. Ẹ lè béèrè pé ṣebí mo ní kí iyọ̀ àti omi má kàn án? Ilá odidi nìyí, kò sí ojú tó ṣí níbẹ̀ ju orí tí ẹ gbẹ́ lọ, ibẹ̀ sì ni fínígà ń wọlé sí. Ẹ má ṣe é fún ilá tí ẹ ti rẹ́.

Ẹ̀bùn kan wà nínú ohun kíkan, gbèsè kan náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ara ilá le, nítorí ohun tó so ara ewébẹ̀ pọ̀ kì í tètè yọ́ níbi tó kan. Ilá tí ara rẹ̀ bá dúró gírí kì í wó, èyí tí kò bá wó kì í tú inú rẹ̀ jáde. Gbèsè rẹ̀ ni àwọ̀. Àwọ̀ ewé tó wà lára ilá kì í fara da ohun kíkan àti ooru pọ̀: á ṣí kúrò ní àwọ̀ ewé tútù lọ sí ti ewé gbígbẹ tí ẹ rí nínú ìkòkò yín. Oúnjẹ náà ò bàjẹ́, kò sì ní ìpalára. Ẹni tí àwọ̀ bá jẹ lógún, kí ó dín ilá rẹ̀ láìsí ohun kíkan, kí ó wá fún ọsàn sí i lẹ́yìn tó bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ má sì lo ìkòkò irin dúdú fún ilá pẹ̀lú tòmátì tàbí ọsàn, nítorí irin á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ohun kíkan náà, ilá á dúdú, á sì ní adùn irin lẹ́nu.

Bí mo ṣe máa se ìkòkò yín fún yín nìyí, tí ẹ bá pè mí wọ ilé ìdáná yín. Ilá 500 gíráàmù, kéékèèké, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, tí ìrù rẹ̀ á dá pàú tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ń tẹ̀ tí kò dá ti kó, kò sí ọ̀bẹ tàbí iná tó máa mú un rọ̀, tí ẹ bá sì fi dandan se é pẹ́, ẹ ti padà síbi tí okùn ti ń jáde. Màá fọ̀ ọ́ láàárọ̀, màá tẹ́ ẹ gbẹ, màá gbẹ́ orí rẹ̀ bí ẹnu pẹ́ńsùlù, màá sì gé èyí tó bá gùn ju ìka lọ sí méjì, kí kékeré wà lódidi.

Ọbẹ̀ tòmátì á wà lórí iná kejì, lọ́tọ̀. Tòmátì bí 400 gíráàmù, àlùbọ́sà àti ata bí ẹ bá ṣe ń jẹ ẹ́. Màá dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí òróró á ta sójú, tí ṣíbí á sì lànà sí ìdí ìkòkò kí ọbẹ̀ tó padà pàdé. Gbígbẹ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ọbẹ̀ tó bá ṣì ní omi, omi náà ni ilá máa bá pàdé. Ọbẹ̀ tó ti gbẹ, kíkan rẹ̀ ti pọ̀ sí i, omi tó lè gbé okùn ti dín kù, tòmátì wá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ bẹ ọsàn pé kó ṣe.

Páànù sẹ̀ǹtímítà 30, òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, iná ga ju àárín lọ. Ìdajì ilá lákọ̀ọ́kọ́, ìṣẹ́jú 8 sí 10 bí mo ṣe sọ lókè, kí n tó kó o jáde sórí àwo fífẹ̀. Mi ò ní kó o gègèrè jọ sínú abọ́ kékeré o, ooru omi rẹ̀ á tún rọ̀ ọ́. Ìdajì kejì á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni màá da gbogbo ilá sínú ọbẹ̀ tó ti gbẹ, màá fi iyọ̀ sí i, màá gbé ìkòkò náà mì dípò kí n máa fi ṣíbí rò ó, iná á sì wà nílẹ̀ díẹ̀ láìdé e fún ìṣẹ́jú 5, kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ. Ọsàn ṣíbí ìjẹun kan ló máa kẹ́yìn, nígbà tí mo bá ti sọ̀ ọ́. Adùn ni ọsàn yẹn wà fún. Iṣẹ́ yíyọ̀ ti parí kó tó dé.

Tí ẹ bá dán an wò tó ṣì ń fà, ẹ wo ibi tí okùn wà, ó máa sọ ohun tí ẹ ṣì. Tí okùn bá wà nínú ọbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilá dúró gírí, omi ọbẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ gbẹ ẹ́ sí i lọ́jọ́ mìíràn. Tí ilá fúnra rẹ̀ bá rọ̀ tí ó sì ń yọ̀ lẹ́nu, páànù ló kún jù tàbí iná ló rẹlẹ̀. Tí orí ilá nìkan bá ń tu okùn jáde, ọ̀bẹ yín wọlé jìn jù.

Ìkòkò tó ti fà tán ńkọ́, bíi ti ọjọ́ yẹn? Ẹ má bu omi sí i, ẹ óò kàn ní ọbẹ̀ púpọ̀ sí i tó ń fà. Ẹ ṣa ilá sílẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí oníhò, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ nìkan hó gan-an ní ṣíṣí pẹ̀lú tòmátì tó ti gbẹ bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó dá ilá padà. Á dín kù, àmọ́ kò ní tán. Ilá tí a ti rẹ́ wẹ́wẹ́ kò ṣeé ṣà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ lè fi í fún ẹni tó fẹ́ràn ilá tó ń fà lọ́jọ́ náà.

Tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín lóòótọ́, ẹ má fi ìkòkò kan sìn wọ́n pọ̀. Ẹ mú ilá 8 tàbí 10 sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rin ín, ẹ dà á sínú omi díẹ̀ tó ti ń hó láìsí tòmátì, láìsí ọsàn, kí ẹ rò ó dáadáa fún ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 láìdé e. Ẹni tó bá fẹ́ kó fà sí i máa ń fi káún bíńtín sí i. Òdìkejì ọsàn ni káún, ó ń mú ara ilá yọ́ kíákíá kí okùn lè jáde, ó sì ń di àwọ̀ ewé mú, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ilá á di omi, á sì ní adùn ọṣẹ. Bíńtín yẹn kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí orí ọ̀bẹ lè gbé lọ. Ìkòkò kékeré yìí á ti jinná kí ìdajì kejì ilá yín tó kúrò nínú páànù.